Ọjọ́ kìíní lọ́dọ̀ tẹ́rápísìtì: ohun tí wọ́n á bi yín àti iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n á gbé fún yín

1. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe gan-an níbẹ̀, ó yá, ẹ jókòó. Àníyàn tó máa ń gbá mi mú nínú dánfó lójú ọ̀nà Lẹ́kí ló gbé mi lọ.

2. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ dé. Èyí tí wọ́n fún mi ń jẹ́ GAD-7: ìbéèrè 7 nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3. Mo gba 13 nínú 21. Tó bá wà láàárín 10 sí 14, àníyàn yẹn kò kéré, kò sì tíì le jù. Ẹ má wá máàkì o. Wọ́n á tún un ṣe tó bá yá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀.

3. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ò ní jáde níbẹ̀, àyàfi tí ẹ̀mí èmi tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Tí wọn ò bá sọ èyí fún yín, ẹ béèrè.

4. Kò bi mí nípa ìgbà èwe mi rárá. Ó ní, "Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, báwo ló ṣe lọ?" Mo ní mo wọ ọkọ̀ ní Ajah, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé bá wa ní Jakande. Ọkàn mi ń lù kìkìkì, mo ń rò pé, "Mo máa dákú síbí." Mo pariwo "Ó wà o!", mo bọ́ọ́lẹ̀, ara sì tù mí.

5. Ó ní ìtura yẹn gan-an ló ń bọ́ àníyàn náà: ara mi ti gbà pé bíbọ́ sílẹ̀ ló gbà mí là. Ó tún bi mí bóyá dókítà ti yẹ ọkàn mi wò, torí àìsàn ara náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

6. Iṣẹ́ àṣetiléwá: nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kí n kọ ibi tí mo wà, ohun tí mo rò, bí ara ṣe ṣe mí àti ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, èyí tó le jù nìkan lẹ máa rántí. Àwọn tó rọlẹ̀ fúnra wọn á ti sá lọ, àwọn yẹn ló sì wúlò jù. "Ẹ̀rù bà mí" nìkan ò tó: ẹ̀rù pé kí ló máa ṣẹlẹ̀?

7. Nígbà tí mo padà lọ, ó ṣí ìwé mi, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo kọ pé o máa dákú. Ẹ̀ẹ̀melòó lo dákú?" Kò sí. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn: láti Ajah dé Ìkọ̀tà, kí n má bọ́ọ́lẹ̀ títí tí àyà mi á fi rọlẹ̀. Jakande ṣì ń dúró dè mí.

8. Ó sábà máa ń gbà tó ìpàdé 6 sí 20. Ọjọ́ kìíní kì í wò ó sàn. Àwòrán ìṣòro yín lẹ máa gbé délé, àti ìwé tẹ́ ẹ máa kọ.