Ọwọ́ Bàbá Àgbà

Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ló gba ọjọ́ 9 lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbà mi ló wà nínú ẹ̀, lórí òfì wọn ní Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n sì ti sọ pé aṣọ tó wà lórí òfì yẹn ni wọ́n máa hun kẹ́yìn. Mo wá ní kí n sọ ọwọ́ náà di àwòrán onílà tó ń rìn.

Rotosikóópù ni orúkọ iṣẹ́ yìí: èèyàn á máa fi ìlà tọ àwòrán inú fídíò lọ́kọ̀ọ̀kan. Max Fleischer ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1917. Dave àbúrò rẹ̀ ló wọ aṣọ aláwàdà tí wọ́n tọ ìlà rẹ̀ fi ya Koko.

Mo gbé fóònù lé orí àpótí kó má baà mì. Fídíò rẹ̀ ní àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló fẹ́ ya gbogbo ìyẹn? 12 ti tó. Kọ̀ǹpútà ló bá mi yọ wọ́n:

```
ffmpeg -i ofi.mp4 -t 4 -vf fps=12 ofi_%03d.png
```

Ó di àwòrán 48. Mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà, mo gbé wọn lé gíláàsì tí iná wà lábẹ́ ẹ̀, mo wá fi bébà mìíràn lé e, mo sì ń tọ ìlà. Ẹ rí i pé ẹ sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán kọ̀ọ̀kan, torí àmì yẹn lẹ máa fi tò wọ́n léra.

Àṣìṣe mi rèé. Gbogbo nǹkan ni mo yà nínú gbogbo bébà: igi òfì, òwú, ìwunjọ ẹ̀wù Bàbá. Nígbà tí mo mú un rìn, gbogbo ìlà ń hó bí ẹ̀kọ lórí iná. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ gbígbọ̀n ọwọ́ Bàbá àti èyí tó jẹ́ tèmi.

Ohun tí kò kúrò lójú kan ni kẹ́ ẹ wò. Bí igi òfì bá ń gbọ̀n, ọwọ́ ayàwòrán ló ń gbọ̀n. Mo bá ya òfì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí bébà tirẹ̀, mo sì ń tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó ya fọ́tò wọn. Ibi tí igi òfì bá gba inú ọwọ́ kọjá, mo fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Fún ọwọ́ náà, ìlà ìka, ọrùn ọwọ́ àti etí ẹ̀wù nìkan ni mo mú, ìlà kan náà látorí 1 dé 48. Ibi tí ọwọ́ bá ti yí padà ni mo kọ́kọ́ ń yà, kí n tó padà sí àárín.

Ọkọ̀ tó ń gbé òwú kọjá nìkan ló yọ mí lẹ́nu. Ó yá jù, ó kàn dà bí èéfín nínú fídíò. Nígbà tí mo yà á kedere, ńṣe ló dà bíi pé ó dúró lófuurufú. Mo bá fa ìlà gbọọrọ kan dípò ẹ̀, ó sì ń fò.

Òfì ti wá dúró jẹ́ẹ́. Síbẹ̀, láti 31 dé 42, ọwọ́ náà gbọ̀n. Mo lè tún un yà kó dán, àmọ́ mi ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi nìyẹn."