Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Kò Tó Dìde

Gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀tà, ọjọ́ Sátidé. Ìyá àgbà kan gbọ́ orin tó wù ú. Ó gbé báàgì lé ọmọ lọ́wọ́, ó tún gèlè ṣe, ó fi ẹsẹ̀ wá bàtà ọ̀tún lábẹ́ àga, ó fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde. Kó tó rìn dé iwájú, díjéè ti pààrọ̀ orin. Mo wo aago: ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ ni ìyá fi dé ibẹ̀. Orin náà fúnra rẹ̀ kò pé mẹ́ta. Ìyá dúró díẹ̀ bí ẹni tí dáńfó já sílẹ̀, ó sì padà lọ jókòó.

Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú ayé ọjọ́un, ti Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Ade, lè lọ tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró, orin kan á máa wọnú èkejì. Ó jọ pé ẹni tó ṣe é mọ ibi tí bàtà àwọn ìyá máa ń wà.

Lórí fóònù díjéè kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, Ayinla Omowura àti Haruna Ishola nìkan ló wà lábẹ́ “Orin Àgbà”. Ayinla kú ní 1980, Haruna ní 1983. Ẹni tí wọ́n bí ní 1965 ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 24 nígbà tí Shina Peters gbé Ace jáde ní 1989. Ìyá ìyàwó ni ẹni yẹn báyìí. Orin bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣàpọ́nlé rẹ̀.

Orin amapiano kì í yẹsẹ̀. Bí ìlù bá ń dún bí ìgbà 112 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí tí yóò fi parí, torí kọ̀ǹpútà ló ń ka ìlù. Ọwọ́ èèyàn ló lu jùjú àtijọ́. Bí ara onílù bá yá, ìlù náà á yára. Díjéè tó bá gbé ọ̀kan lé èkejì á rí i pé wọ́n bára mu fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ló máa ń kọ́kọ́ dúró. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn máa ń wo ilẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ṣe é. Díjéè tó mọṣẹ́ kì í gbé wọn léra rárá. Ó máa ń dúró de ibi tí akọrin ti dákẹ́ tí gángan nìkan ń sọ̀rọ̀, á kígbe orúkọ bàbá ọkọ sínú gbohùngbohùn, á sì ti gbé orin tuntun wọlé kí ariwo tó rọlẹ̀.

Orin àtijọ́ kì í pariwo tó tuntun. Bí díjéè bá gbàgbé láti fa ohùn sílẹ̀ kó tó yí i, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Tábìlì tó sún mọ́ sípíkà jù lọ ni wọ́n máa ń fi ṣe àyẹ́sí àwọn àgbà ẹbí.

Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní apá 21, sọ pé ẹni tó bá ná owó lójú agbo lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Òfin díjéè yàtọ̀: bí owó bá ti ń fò, má pa orin dà.

Ní gbọ̀ngàn Ọ̀tà yẹn, wọ́n gbé orin Asake sí i lẹ́yìn Ace, láti inú àwo rẹ̀ ti 2022, Mr. Money With The Vibe. Ègbè rẹ̀ pọ̀ bíi ti fújì. Bàbá kan tó ti ń wá àga padà tún yí sẹ́yìn. Ó bi ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léèrè pé ta ni, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn: “Ọmọ Barrister kan ni.” Kò sẹ́ni tó ja bàbá níyàn.

Ọmọkùnrin kan ti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Òun nìkan ni kò kúrò lójú agbo, yálà orin tuntun ni o tàbí ti àtijọ́. Ó ní òun kò tiẹ̀ gbọ́ orin dáadáa. Ariwo ẹ̀rọ ṣì wà létí òun.

Bàbá ìyàwó fún díjéè ní ìwé tó ní orin 14, ìyàwó fi 40 ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé kó má lu ti ẹnì kejì. Orin kan wà nínú méjèèjì: Ace. Bàbá kọ ọ́ ní ìkejì, ọmọ kọ ọ́ ní ìkọkàndínlógójì.