Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni gbogbo Èkó mọ Ṣómólú mọ́. Ẹni tó bá rìn ní Bájúlaiyé tàbí Ṣípẹolú á gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ àti èyí tó ń gé bébà. Iṣẹ́ tèmi kì í pariwo. Èmi ni mo ń tọ́jú dátábéèsì fún àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé èsì fún àwọn ilé-ìwé. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀ ló wà nídìí káàdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì lè da àkọsílẹ̀ náà nù, torí pé ọmọ á sọ káàdì nù, ilé-ìwé á sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí, bákọ́ọ̀pù kò ju sídíì kan lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, a ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí sídíì, ọ̀gá á sì jù ú sínú báàgì lọ sílé. Nígbà tí fúláàṣì dé, iṣẹ́ rọrùn sí i, ewu náà sì pọ̀ sí i. Fúláàṣì tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó ní Onípánu, ẹnikẹ́ni tó bá he é á kì í bọ kọ̀ǹpútà, á sì rí ọmọ ọlọ́mọ tojútojú. Háàdì tó ti gbó ńkọ́? A ń tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù lọ sí Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ní a ti pa rẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Ohun tó ń já wa láyà nígbà náà ni kí dátà má sọnù. Kí ẹlòmíràn má rí i kò tíì wọ inú àdúrà wa.

Ìyípadà dé lọ́dún 2010. Ọdún yẹn ni okùn abẹ́ òkun MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó, tí intánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára. Ọdún yẹn kan náà ni PostgreSQL 9.0 jáde, tó jẹ́ kí dátábéèsì kan máa tọ òmíràn lẹ́yìn láìdúró. Bí akọ̀wé bá kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀ ní Ṣómólú, sáfà kejì tí a háyà lókè òkun á kọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ẹ̀kejì yìí ní àtẹ̀lé, kí n sì máa pe ti Ṣómólú ní sáfà àgbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò bèèrè ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ nǹkan kan fún àtẹ̀lé, `sslmode=prefer` ló ń lò. Á gbìyànjú láti fi ẹnkíríṣọ̀n bo ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni pé á yí i padà sí ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí sáfà àgbà bá ní òun kò ṣe é, á gbà bẹ́ẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnì kan. Àtẹ̀lé ń ṣiṣẹ́, inú ọ̀gá ń dùn, orúkọ àwọn ọmọ sì ń rin ìrìn-àjò bíi lẹ́tà tí kò ní àpòòwé. Láti mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn, a ó bi sáfà àgbà léèrè:

```sql
SELECT r.application_name, s.ssl, s.version
FROM pg_stat_replication r
JOIN pg_stat_ssl s USING (pid);
```

Bí `ssl` bá jẹ́ `f`, ìhòhò ni dátà ń rìn. Ìhà méjèèjì la ti ń tún un ṣe. Nínú `pg_hba.conf` ti sáfà àgbà, a ó kọ `hostssl` dípò `host`, kí ó lè lé ẹnikẹ́ni tó bá wá láìbora padà. Lọ́dọ̀ àtẹ̀lé, a ó kọ `sslmode=verify-full`. Àwọn kan máa ń dúró sí `require`, ṣùgbọ́n `require` lásán ń bo ọ̀rọ̀ ni, kì í wádìí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jókòó sójú ọ̀nà lè pe ara rẹ̀ ní sáfà Ṣómólú. `verify-full` á wo sátífíkéètì, á wo ẹni tó fọwọ́ sí i, á sì wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Sátífíkéètì yìí ló kọ́kọ́ kọ́ wa pé ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ le ju títì lọ, nítorí pé ó ní ọjọ́ tó ń dópin. Àtẹ̀lé kì í yẹ̀ ẹ́ wò àfi nígbà tó bá ń wọlé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Níbi tí iná kì í lọ, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ní Ṣómólú, Nẹ́pà á mú iná, jẹnẹrétọ̀ á pẹ́ kó tó tan, àwọn méjèèjì á pínyà, àtẹ̀lé á sì kọ̀ láti padà wọlé. Bó bá jẹ́ pé a ti lo `replication slot`, tó ń jẹ́ kí sáfà àgbà tọ́jú gbogbo ohun tí àtẹ̀lé kò tíì gbà, fódà `pg_wal` á bẹ̀rẹ̀ sí í wú títí háàdì á fi kún, tí sáfà àgbà fúnra rẹ̀ á dúró. Ọ̀gá á ní háàdì ló kéré, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan tó kọjá lórí sátífíkéètì ló fà á. Láti PostgreSQL 13, `max_slot_wal_keep_size` lè fi òdiwọ̀n sí wíwú yẹn. Síbẹ̀, mo ń kọ ọjọ́ sátífíkéètì sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri, kàlẹ́ńdà kò sì wọ́n wa ní Ṣómólú.

Àtẹ̀lé kì í ṣe bákọ́ọ̀pù o. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa odindi kíláàsì rẹ́, àtẹ̀lé á pa á rẹ́ kí ó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà a ṣì ń kó ẹ̀dà jọ lóru, a sì ń gbé e lọ síbòmíràn. Nígbà kan, `gpg` àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ni àwọn oníṣẹ́ fi ń ti fáìlì náà, ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀hún á sì wà lórí sáfà kan náà, nínú àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ó ń dáàbò bo fáìlì tó bá bọ́ sọ́nà, àmọ́ ẹni tó bá wọ sáfà á rí ohun tí a tì àti ohun tí a fi tì í papọ̀. Lónìí, `age` ni mo ń lò, irinṣẹ́ tí Filippo Valsorda ṣe. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní: ọ̀kan ń tì, ìkejì ń ṣí. Èyí tó ń tì nìkan ló ń gbé orí sáfà, tí olè bá sì mú un, kò rí nǹkan kan fi ṣí.

```bash
set -o pipefail
pg_dump -Fc ileiwe | age -R titi.txt -o ileiwe.dump.age
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láìsí i, bí `pg_dump` bá kú lágbedeméjì, `age` á ti ìwọ̀nba tó rí gbà, á sì ní iṣẹ́ ti parí dáadáa. Fáìlì tí a ti tì, yálà ó pé tàbí kò pé, kò sẹ́ni tó lè wo inú rẹ̀ mọ̀ láìṣí i.

Ilé ìtẹ̀wé kan tí n kò ní dárúkọ ṣe gbogbo èyí dáadáa. Lọ́jọ́ kan, iná tó wá lágbára jù jó háàdì sáfà wọn, wọ́n sì ké sí mi. Òṣìṣẹ́ tó kọ́ ètò náà ti kọjá sí Kánádà. Bákọ́ọ̀pù òru kọ̀ọ̀kan wà, gbogbo rẹ̀ ló wà ní títì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i wà lórí láàtóòpù tó ti nù mọ́ pátápátá kó tó tà á.

Màmá tó ni ilé náà wò mí. Ó ní, "Injiníà, ṣé kò sẹ́ni tí a lè sanwó fún kó bá wa já a ni?"

Mo ní, "Mọ̀mí, kò sí. Bó bá ṣeé já fún wa, ó ṣeé já fún olè náà nìyẹn."

Àtẹ̀lé nìkan ló kù. Háàdì tirẹ̀ náà wà ní títì pẹ̀lú LUKS, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì ti bá ẹni tó lọ lọ. Àmọ́ sáfà náà wà ní títan. Irú títì yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú ni. Tó bá ti tan, kọ́kọ́rọ́ wà nínú mẹ́mórì rẹ̀, dátábéèsì sì ń ka ohun gbogbo bí ẹni pé a kò ti nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á, kí wọ́n má sì tún un tan. Àwọn akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wo ìròyìn lórí rẹ̀. Òun ni mo fi wọlé, tí mo fi `pg_dump` fa gbogbo rẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà mi. Lẹ́yìn tí mo dá a sórí sáfà tuntun, a kó káàdì tí a tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá jáde, a ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì wà níbẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà ti tún un tan lóru ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí mo gbà wọlé náà ni olè tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà akọ̀wé lè gbà: háàdì títì kò dá a dúró.

Láti ìgbà náà, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé ni mo ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó bèèrè bákọ́ọ̀pù. `age` ń ṣe kọ́kọ́rọ́ kékeré fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, òun ló ń fi ti dátà. Lẹ́yìn náà, á fi kọ́kọ́rọ́ olúkúlùkù ẹni tí a bá dárúkọ ti kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn. Nítorí náà fáìlì kan ṣoṣo lè ní ẹni méjì tó lè ṣí i, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ kọ́kọ́rọ́ ìkejì. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìkejì, ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `AGE-SECRET-KEY-1`, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a ó sì gbé e fún ọ̀gá kó tọ́jú rẹ̀ síbi tó jìnnà sí ilé ìtẹ̀wé. Níbi tí kò ti yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣí i, a máa ń lo ọgbọ́n tí Adi Shamir gbé jáde lọ́dún 1979: a ó pín kọ́kọ́rọ́ sí mẹ́ta, tí méjì èyíkéyìí á lè ṣí i, tí ọ̀kan ṣoṣo kò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó mú un.

Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò, a ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n fáìlì ọ̀la nìkan ni ìyẹn kàn. Fáìlì àná ṣì ń gbọ́ràn sí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. A kò gbọ́dọ̀ da kọ́kọ́rọ́ yẹn nù títí fáìlì tó kẹ́yìn tí a fi tì á fi pé ọjọ́ tí a ń pa á rẹ́. Bí ẹni tó lọ bá sì ti da fáìlì àti kọ́kọ́rọ́ kọ, kò sí pípààrọ̀ tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2023, fún wa ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá. Ìbéèrè tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè dáhùn láàárín wákàtí yẹn ni bóyá kọ́kọ́rọ́ bá fáìlì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe ìdánwò kan ní sáà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kì í ṣe èmi á mú bébà ọ̀gá, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú, á fọwọ́ tẹ ìlà náà, á sì gbìyànjú láti ṣí fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí kò bá ṣí, a ṣì ní sáfà tó ń ṣiṣẹ́, a sì lè tún ètò náà ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an.