Ìlà Mẹ́rin tó Wà Lókè Ìwé Iṣẹ́

Àwọn tó jáde ní ilé-ìwé wa a máa mú ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn wá fún mi ní Erìjìyàn, kí n lè fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìwà. Púpọ̀ nínú wọn ń wá iṣẹ́ tí wọn kò ṣe rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni àkópọ̀ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lábẹ́ orúkọ wọn.

Arábìnrin kan jẹ́ tíṣà fún ọdún 12. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dípúlómà nínú ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera, ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Ó kọ ọ́ pé: ‘Mo jẹ́ tíṣà fún ọdún 12. Nítorí owó oṣù tí kì í tètè dé, mo fẹ́ yí iṣẹ́ padà. Mo ṣetán láti kọ́ iṣẹ́ tuntun.’ Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ kò lè rí ju ẹni tó ń sá kúrò níbìkan lọ.

Mo bi í léèrè ohun tó ń fi rẹ́jísítà ṣe. Ó ní òun ń sàmì sí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án fún ọmọ 45, òun sì ń ṣírò rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí òun bá ṣì í kọ, òun kì í fi rọ́bà pa á. Òun a fa ìlà sí i, òun a sì fọwọ́ sí i. Òun kì í fi èsì ìdánwò ọmọ kan han òbí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń tún àṣìṣe kọ nínú fáìlì aláìsàn, tí wọ́n sì ń pa àṣírí mọ́. A wá tún un kọ báyìí:

‘Mo ní dípúlómà nínú ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera. Fún ọdún 12 gẹ́gẹ́ bí tíṣà, mo tọ́jú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọmọ 45, mo ń ṣàtúnṣe rẹ̀ láìpa ohunkóhun rẹ́, mo sì ń pa àṣírí èsì wọn mọ́. Mo fẹ́ lo ìṣọ́ra yìí fún fáìlì àwọn aláìsàn.’

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ tuntun ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ti kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ó dáhùn ní ṣókí. Kò sì sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn rí, nítorí ìtàn iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yóò tú u fó. (Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ṣe tíṣà àti akọ̀wé kí ó tó di akọ̀ròyìn ní 1934; akọ̀wé tó mọ̀ ọ́n kọ kíákíá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ìròyìn.)

Kí a tó fi ìwé náà ránṣẹ́, mo ní kí ó ka ìlà wọ̀nyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó sì bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń wá. Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé iṣẹ́ tíṣà ni, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ó tún kọ.