Lẹ́tà Tí Ọmọ Amuro Kan Kọ sí Ọ̀gá Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ rí láti tọrọ owó, yóò mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan, ọmọ Amuro ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopamuro, gbé ọ̀kan wá bá mi ní ọdún tí ó kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, lọ́dọ̀ kọngílá kan tí ń gbẹ́ bọ́hóòlù kiri ilẹ̀ Òkun. Ó fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ san owó kí ó lè gba ìwé-ẹ̀rí PMP, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969 bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 1984. Ó ti kàwé gba oyè, ó sì ti ju oṣù 36 lọ tí ó ti ń darí iṣẹ́. Ohun tí ó kù fún un ni kíláàsì wákàtí 35, kí ó sì jókòó ṣe ìdánwò.

Ojú ewé méjì ni lẹ́tà rẹ̀. Ní ojú ewé kìíní, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Ní ìkejì, ó ní ìwé-ẹ̀rí náà yóò gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ ga. Mo bi í pé, "Èló ni gíga orúkọ ń mú wọlé ní oṣù?" Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Mo ní kí ó lọ mú ìwé tí wọ́n fi ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní ibi iṣẹ́ wá, nítorí inú ìwé yẹn ni owó wà, kò sí nínú ọpẹ́.

Nígbà tí a ṣí i, a rí i pé ní ọdún kan ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wọn dúró lásán fún ọjọ́ 19. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá dúró báyìí ń jẹ ₦180,000: owó òṣìṣẹ́, owó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n yá, owó ọdẹ àti oúnjẹ. Àbúrò mi fẹ́ kọ gbogbo ọjọ́ 19 náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrè. Mo ní rárá. Òjò àti ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ni ó mú 8 nínú wọn; kò sí ìwé-ẹ̀rí tí ń dá òjò dúró. Páìpù tí kò tètè dé ni ó mú 4, àwọn ìdílé méjì tí ń jà sí ilẹ̀ sì mú 2. Àwọn 5 tí ó kù ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé ojú iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń fi iná mànàmáná wá ibi tí omi wà kò tíì dé.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa yóò mọ ìdí tí èyí fi burú. Àpáta líle àtijọ́ ni ilẹ̀ Òkun jókòó lé. Inú ibi tí àpáta ti jẹrà, tàbí ibi tí ó ti sán, ni omi máa ń wà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá wá omi kí ẹ̀rọ tó dé, àfi kí ẹ̀rọ dúró, tàbí kí a gbẹ́ ihò gbígbẹ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní fún iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Títo iṣẹ́ tẹ̀léra, kí a mọ èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá pẹ́ gbogbo ìyókù yóò pẹ́, jẹ́ ara ohun tí kíláàsì náà ń kọ́ni. Nítorí náà ọjọ́ 5 yẹn nìkan ni a kà: ₦900,000 ní ọdún.

Lẹ́yìn náà ni a ṣírò ìnáwó. Owó ìdánwò àti ti ẹgbẹ́ jẹ́ ₦850,000, kíláàsì ₦350,000, ọkọ̀ àti ibùsùn ní Àbújá ₦120,000. Ó ti gbàgbé owó oṣù ọjọ́ 5 tí kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó jẹ́ ₦80,000. Mo ní kí ó fi í kún un, nítorí ọ̀gá kò ní gbàgbé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,400,000. Ẹ pín in pẹ̀lú ₦900,000, ẹ ó rí i pé oṣù kọkàndínlógún ni owó ọ̀gá tó padà wọlé. Kì í ṣe èrè òjijì, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Láti inú iye oṣù yìí gan-an ni a ti mú àdéhùn jáde: yóò dúró oṣù 24 lẹ́yìn ìdánwò, bí ó bá sì lọ kí ó tó pé, yóò dá owó oṣù tí ó kù padà. Bí ó bá fìdí rẹmi, òun ni yóò san ti àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ITF ni ó fẹ́ dá wa láàmú. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 fún kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́ ni. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọdún rẹ̀ fún un, ó sì lè gba tó ìdajì padà bí ó bá kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ níṣẹ́. Àbúrò mi kọ ọ́ pé ₦700,000 yóò padà wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ìdajì ohun tí ilé-iṣẹ́ san fún ITF ni, kì í ṣe ìdajì owó kíláàsì. Owó oṣù gbogbo wọn ní ọdún jẹ́ ₦30,000,000. Nítorí náà ₦300,000 ni wọ́n ń san, èyí tí ó sì lè padà kò ju ₦150,000 lọ. A kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, a kò fi í sínú ìṣirò.

Lẹ́tà tuntun náà kò kún ojú ewé kan. Ọ̀gá kà á, ó sì bi í ní ìbéèrè tí mo ti ń retí: "Bí ó bá jẹ́ pé títo iṣẹ́ ni, ṣé o kò lè ra ìwé kí o kọ́ ọ fúnra rẹ?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, nítorí ẹ̀kọ́ ni ó ń dá ọjọ́ 5 padà, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Àbúrò mi dáhùn pé, "Ọ̀gá, mo lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kọngílá tí ẹ rà ní ọdún tí ó kọjá, méjì béèrè orúkọ ẹni tí ó ní PMP, a kò sì ní ẹnìkan tí a lè kọ síbẹ̀. N kò ka owó kankan sí i, nítorí n kò mọ̀ bóyá à bá gba iṣẹ́ náà." Ó fi ìwé méjèèjì hàn án.

Ọ̀gá san owó kíláàsì lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, ó ní yóò di ìgbà tí wọ́n bá gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ fún ìdánwò, nítorí ẹgbẹ́ náà lè ní kí àwọn ọ̀gá ẹni jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí a sọ pé a ti ṣe. Ó fi kún un pé òun kò ní jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé ojoojúmọ́.

Ní báyìí Àbújá ni ó máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ní Amuro wa ni. Àwọn tí ń wá omi lo ọjọ́ méjì, wọ́n fi èèkàn sí ibi tí wọ́n rí, wọ́n sì ti lọ kí ọkọ̀ ẹ̀rọ tó gòkè dé. Ìdánwò rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta.