Kẹ́hìndé tó sọnù nínú èsì ìdánwò wa

Ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò tó ń jáde fúnra rẹ̀ lórí tẹlifóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti dójú tì mí rí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, inú Excel la máa ń kọ nóòtì àwọn ọmọ sí. Tíṣà ọ̀dọ́ kan tò ó débi pé ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èsì á lọ bá àwọn òbí lórí Wásáàpù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Inú wa dùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Ìbejì kan ilẹ̀kùn mi: “Mẹ̀tírì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lé Kẹ́hìndé ni? Táyé nìkan ni mo rí.”

Mo ṣí ọdinatọ̀. A ti sọ fún un pé bí orúkọ ìdílé méjì àti ọjọ́ ìbí bá bára mu, ọmọ kan náà ni, kí ó pa ìkejì rẹ́. Ní ilẹ̀ wa yìí, tí ìbejì pọ̀ tó báyìí! Ohun tó tún bí mi nínú ni pé ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́ kò kúrò. OLATOUNDJI ni ìwé ìbí tí wọ́n ṣe fún un níhìn-ín pè é, OLATUNJI ni èyí tí ìyá rẹ̀ gbà ní Nàìjíríà. Lójú ẹ̀rọ, ọmọ méjì ni wọ́n. A pàdánù ọ̀kan, a fi ọ̀kan lé e, iye wọn sì jẹ́ 48 bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí kíka iye ọmọ nìkan kò fi tó.

Ní báyìí, a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Ó kàn ń tọ́ka sí wọn ni. Ọjọ́ ìbí, tó wà ní ìlà C, la sì ń wò, nítorí orúkọ ń yí padà:

```
=NB.SI(C$2:C$49;C2)
```

Bí ó bá ju 1 lọ, èmi fúnra mi á ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bí orúkọ àbísọ bá yàtọ̀ tí òbí sì jẹ́ ọ̀kan, ìbejì ni, mo sì máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n má baà tún un yẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé méjì náà bá gbé ọjọ́ ìbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí kò ní mú un. Pípe orúkọ ní kíláàsì ló máa mú un.

Ti àpótí tó ṣófo tún wà. Ọmọbìnrin kan gba 14, 12 àti 13, ibà sì dá a dúró nílé lọ́jọ́ ìdánwò kẹrin. Bí a bá fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, mòyẹ́ẹ̀nì rẹ̀ jẹ́ 13. Ẹnì kan kọ 0 síbẹ̀, ó di 9,75, ọmọ náà sì bọ́ sísàlẹ̀ 10. Nítorí náà, ẹni tí kò wá, ABS la ń kọ fún un, a kì í kọ òdo. Àpótí tó ṣófo pátápátá túmọ̀ sí pé tíṣà gbàgbé.

Tẹlifóònù tún ń dá sí i. Pọ́ọ̀ǹtì ló wà lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe fírígúlù. Excel tí a tò sí èdè Faransé á mú 12.5 bí ọ̀rọ̀, á fò ó nígbà tó bá ń ṣírò mòyẹ́ẹ̀nì, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí fírígúlù bá sì jábọ́ pátápátá, 15,5 á di 155. Nínú ọmọ 48, ọ̀kan ṣoṣo yẹn ti gbé mòyẹ́ẹ̀nì kíláàsì wa láti 9,4 dé 12,3 rí. Dirẹ́tọ̀ kí wa kú iṣẹ́!

Ìlà méjì ló ń ṣọ́ gbogbo èyí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan:

```
=48-NB(D2:D49)-NB.SI(D2:D49;"ABS")
=NB.SI(D2:D49;">20")+NB.SI(D2:D49;"<0")
```

Èkíní ń ka àpótí tó ṣófo àti nóòtì tó di ọ̀rọ̀. Èkejì ń ka èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0, èsì á lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹlifóònù tèmi nìkan ló máa dún. Ẹni tó gba 15 tí a kọ 12 fún, èyí kò lè rí i, nítorí 12 kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún àwọn ọmọ ní ìwé ìdánwò wọn padà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá èsì dúró: àpótí mẹ́ta ló ṣófo nínú ìṣirò. Aago mẹ́jọ kọjá kí àwọn òbí tó rí i gbà, Bàbá Ìbejì ló sì kọ́kọ́ pè láti béèrè ohun tó fà á.