Nọ́ńbà Ará Ìlárá

Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì tí mo jẹ́ ọ̀gá lé lórí ti ń kọ kóòdù kí n tó wọ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n jà, ta ni kí n bá wí?

Nọ́ńbà fóònù ló dájà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà ní áàpù wa ò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà tí kò bá pé 11. Èkejì ní àwọn oníṣòwò Ìlárá, létí ààlà, ń lo láìnì Bẹ̀nẹ̀, tó di 10 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Wọn ò kí ara wọn mọ́.

Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò béèrè ẹni tó jàre. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń bẹ̀rù?" Ọ̀kan ń bẹ̀rù nọ́ńbà èké, torí òun ni wọ́n bú nígbà tí irú ẹ̀ wọlé. Ilé ìyá èkejì ni Ìlárá. Kò fẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Nígbà tá a jókòó pọ̀, mo ní kí kálukú sọ ẹ̀rù ẹnì kejì, títí onítọ̀hún á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀gbọ́n àgbà fúnra wọn ló wá rí i: ká kọ́kọ́ gba `+234` tàbí `+229`. Tá a bá yọ òdo iwájú nọ́ńbà Nàìjíríà, 10 ló ṣẹ́kù níhà méjèèjì.

Wọn ò tíì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí ara wọn.